Jìbìtì owó ìṣáájú lórí ẹ̀yáwó

Jìbìtì owó ìṣáájú lórí ẹ̀yáwó ni kí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ tó fẹ́ yá ẹnikẹ́ni ṣèlérí ẹ̀yáwó fún ẹni tó ń wá a, kó sì máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ó dìgbà tó bá san án kí ẹ̀yáwó náà tó lè jáde. Wọ́n lè pe owó ọ̀hún ní owó fọ́ọ̀mù, owó adójútòfò, owó-orí ìjọba, tàbí owó tí wọ́n fi ń ṣí àkáùntì. Ẹ̀yáwó náà kì í jáde. Ní Nàìjíríà, abẹ́ òfin tó de ìwà tí tèwe-tàgbà mọ̀ sí fóò-wan-náìnì ló bọ́ sí, gbájúẹ̀ tàbí oníjìbìtì sì ni Yorùbá ń pe àwọn tó ń ṣe é.

Ó yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀ka gbájúẹ̀ yòókù ní ọ̀nà kan tó yẹ ká tètè sọ. Ẹni tí wọ́n fi ogún olówó kan tó kú sí òkè òkun tàn jẹ ń retí owó tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yáwó tàn jẹ, gbèsè ló ń wá, ó sì ti pinnu láti san án pẹ̀lú èlé. Ó fẹ́ fi kó ọjà ni, tàbí kó fi san owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí kó fi ra oògùn. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ojúkòkòrò ló kó o sí wàhálà ń fi ẹ̀bi gún ibi tí kò yẹ. Ohun tó mú kí ẹ̀tàn yìí rọrùn láàárín wa ni pé ohun tí oníjìbìtì ń béèrè fara jọ ohun tí àwọn ayánilówó gidi ń béèrè, ibẹ̀ sì ni àyọkà yìí máa dúró sí jù.

Bí ó ṣe dé àárín ọjà

Orúkọ fóò-wan-náìnì wá láti abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, abala tó dá lórí fífi irọ́ gba ohun-ìní ẹlòmíràn. Ní àwọn ọdún 1980, lẹ́tà ni àwọn oníjìbìtì ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n á ní àwọn ní owó kọ́ńtíráàtì tàbí owó epo rọ̀bì tí àwọn fẹ́ kó jáde. Ìjọba ológun ṣe òfin pàtó lórí rẹ̀ lọ́dún 1995, òfin tuntun sì rọ́pò ìyẹn lọ́dún 2006. Nàìjíríà nìkan kọ́ ló ń bá irú èyí jà. Lọ́dún 1995 kan náà ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníṣòwò àti oníbàárà ṣe òfin lórí àwọn tó ń polówó ọjà lórí tẹlifóònù, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa bá ènìyàn rí ẹ̀yáwó gbà kò gbọdọ̀ gba owó kankan kí ẹ̀yáwó náà tó tẹ onítọ̀hún lọ́wọ́.

Fóònù àti táńsífà ló gbé ti ẹ̀yáwó wọ àárín ọjà wa. Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà, ọdún 2011 sì ni táńsífà ojú-ẹsẹ̀ láti báǹkì sí báǹkì bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà ní láti wá fojú kàn án, tàbí kí ìyá náà lọ tò sórí ìlà ní báǹkì, níbi tí ó ti lè bá ẹni tó máa bi í pé, “Mà, ta ni ẹ fẹ́ sanwó yìí fún?” pàdé. Lónìí, ẹni tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ lè bá a fi ₦5,000 ránṣẹ́ kí ó tó pa ojú dé, owó náà á sì ti dé àkáùntì ẹni tí kò mọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yáwó ìjọba dé. Lọ́dún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò TraderMoni, tí wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ₦10,000 láìgba ohun ìdúró. Nígbà tí àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ya bílíọ̀nù àádọ́ta náírà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó fún ìdílé àti àwọn oníṣòwò kéékèèké, ọwọ́ NIRSAL Microfinance Bank sì ni owó náà gbà jáde. Àwọn kan rí owó yìí gbà ní ti gidi, látorí fóònù wọn, láìrí òṣìṣẹ́ báǹkì kankan sójú. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ti rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà kò ní ìdí láti fura nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé bá òun náà. Kò pẹ́ tí ojú ewé ayédèrú tó ń lo orúkọ NIRSAL fi kún orí Facebook, báǹkì náà sì ní láti máa kéde léraléra pé àwọn kọ́ ló ni wọ́n.

Owó tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀yáwó

Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o sanwó kí o tó gba ẹ̀yáwó, olè ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ̀ràn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ó rìn. Nílẹ̀ Yorùbá, kò tó, nítorí pé ẹni tó ti ṣe ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rí mọ̀ pé wọn kì í yá èèyàn lówó níbẹ̀ àfi tó bá ti kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀.

Ètò náà ti pẹ́. Ọdún 1934 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland kọ àbọ̀ ìwádìí fún ìjọba amúnisìn lórí bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe lè fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1935. Àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní agbègbè Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, wọ́n sì dá báǹkì àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1953. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń ṣe títí dòní ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ máa dá owó fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn èyí ni ó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó bá ti tọ́jú sọ́dọ̀ wọn. Ó máa ń ra fọ́ọ̀mù, ó máa ń san owó ìwọlé, ó sì gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá láti inú ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ báǹkì kéékèèké tó ń yá àwọn obìnrin ọlọ́jà lówó náà máa ń kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n á sì kọ́kọ́ máa fi owó pamọ́. Àjọ àti èésú tó ti wà kí òyìnbó tó dé náà kò yàtọ̀: ẹni tó máa kó o gbọ́dọ̀ máa dá a.

Nígbà tí oníjìbìtì bá wá ní kí ènìyàn mú owó díẹ̀ wá ná, kò sí ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti bá àṣà náà nílẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò hàn nínú pé owó kan ń ṣáájú. Ó ń hàn nínú irú owó tó jẹ́ àti ọ̀nà tó gbà lọ.

Owó tí a dá sínú ẹgbẹ́, owó ẹni ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì tàbí ìwé kékeré, iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ènìyàn bá sì fẹ́ kúrò, ó lè béèrè rẹ̀ kí wọ́n kó o fún un. Owó oníjìbìtì ń lọ fún ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú rí: adójútòfò, ìwé àṣẹ, owó-orí. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́ ti ẹni tó san án. Bákan náà, ẹgbẹ́ gidi máa ń mú ènìyàn dúró. Ẹlòmíràn á dúró fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó jẹ́ kó yá kọ́bọ̀, torí pé wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́. Oníjìbìtì kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí owó tó wọlé, ó lè pàdánù onítọ̀hún, nítorí náà gbogbo owó rẹ̀ ló máa ń ní aago tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Èyí tó lágbára jù nínú ìyàtọ̀ náà ni ibi tí àwọn ayánilówó gidi ti ń yọ owó iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń yọ ọ́ lára ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ₦200,000 fún ènìyàn, tí owó iṣẹ́ sì jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ₦196,000 ló máa rí nínú àkáùntì rẹ̀, yóò sì san ₦200,000 padà pẹ̀lú èlé. Ẹni tó bá ní ₦500,000 lọ́wọ́ tó fẹ́ fún ọ kò nílò ₦25,000 tìrẹ. Ó lè yọ ọ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó sábà máa ń tú oníjìbìtì fó: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ nínú owó náà kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́.” Ìdáhùn rẹ̀ máa ń yí káàkiri. Á ní ẹ̀rọ kọ̀mpútà kò gbà á, á ní CBN ti ti owó náà pa, á ní òfin ilé-iṣẹ́ àwọn ni. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó yọ ọ́, nítorí pé kò sí owó níbẹ̀ tó lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ

Àpẹẹrẹ tó tẹ̀lé yìí kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Bí irú nǹkan báyìí ṣe sábà máa ń lọ ni a kó jọ síbẹ̀.

Ká ní ìyá kan ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági tuntun n'Ìbàdàn. Oṣù Kọkànlá ti wọlé, ọjà ọdún ti súnmọ́, ó sì ń wá ₦500,000 láti fi kó aṣọ. Báǹkì tó ń lò ní kó mú ilé tàbí ilẹ̀ wá dúró, kò sì ní. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó rí ìpolówó kan lórí Facebook, tí àwòrán àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yáwó láàárín wákàtí 24, kò sí onídùúró, èlé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ èlé yẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, CBN fi òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀, èyí tí àwọn báǹkì ń wò kí wọ́n tó bu iye lé ẹ̀yáwó, sí ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ayánilówó tó bá ń gba ìdá mẹ́ta ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ń da owó ara rẹ̀ sómi. Ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré wà lóòótọ́ nínú àwọn ètò ìjọba kan, ṣùgbọ́n wọn kì í pín in fún ẹni tí wọn kò mọ̀ láàárín wákàtí 24.

Ìyá náà fi nọ́ńbà WhatsApp tó wà níbẹ̀ pè wọ́n. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn dáhùn, ó ń pè é ní “Mọ́mì”. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: orúkọ, àdírẹ́sì ìsọ̀, nọ́ńbà àkáùntì, BVN, NIN, àwòrán ojú rẹ̀ níbi tó ti gbé káàdì ìdánimọ̀ dání. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦5,500. Orúkọ ẹnì kan ló wà lórí àkáùntì tí wọ́n fún un, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Nígbà tó béèrè, ọkùnrin náà ní, “Akápò wa ni, Mọ́mì. Àkáùntì ilé-iṣẹ́ ti kún.” Ó san án. Láàárín wákàtí kan, ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa àti ìbuwọ́lù dé sórí fóònù rẹ̀: wọ́n ti fọwọ́ sí ₦500,000 fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó ku adójútòfò, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦25,000. Wọ́n ní bí nǹkan bá ṣe é, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jogún gbèsè. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni, adójútòfò sì wà lórí ẹ̀yáwó gidi náà, àmọ́ inú owó tí wọ́n yá ènìyàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó san án.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n fi àwòrán ojú fóònù kan ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n kọ ₦500,000 àti orúkọ rẹ̀ sí, tí ọ̀rọ̀ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá: `PENDING`. Ọkùnrin náà ní owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, àkáùntì ìyá náà ni kò lè gbà á, pé kó san ₦18,000 kí wọ́n fi gbé e ga. Irọ́ yìí dúró lórí òótọ́ kan. CBN pín àkáùntì sí ìpele mẹ́ta, èyí tó wà ní ìpele kìn-ín-ní kò sì gbọ́dọ̀ ní ju ₦300,000 lọ nínú. Àwọn tó ti gbọ́ pé owó kan kò wọlé nítorí èyí máa gbà á gbọ́. Ohun tí ọkùnrin náà kò sọ ni pé báǹkì oníbàárà nìkan ló lè gbé àkáùntì rẹ̀ ga, tí wọ́n á sì béèrè ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí ibi tó ń gbé.

Ìyá náà san ₦18,000. Ó ti san ₦48,500 báyìí. Láti ibí lọ, ọ̀rọ̀ náà ti yípadà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nígbà tó san ₦5,500, ẹ̀yáwó ló ń wá, bí ó bá sì sọnù, kò ní dá ọjà rẹ̀ dúró. Ní báyìí, owó tirẹ̀ ló ń gbìyànjú láti gbà padà. Bí ó bá kọ̀ láti san èyí tó kàn, ó ti gbà pé ₦48,500 lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa ń fẹ́ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún un láti ronú. Ìdí nìyí tí owó àkọ́kọ́ fi máa ń kéré. Iṣẹ́ owó yẹn ni kó mú kí èyí tó tẹ̀lé e ṣòro láti kọ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó-orí VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó jẹ́ ₦37,500. Iye ìdá náà tọ̀nà: bẹ́ẹ̀ ni VAT ṣe rí ní Nàìjíríà láti ọdún 2020. Àmọ́ wọn kì í san VAT lórí owó tí ènìyàn yá, torí pé ó kàn yá a ni, kò ra nǹkan kan. Owó yìí ni ìyá náà lọ yá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti san wá di ₦86,000.

Bí wọ́n ṣe ní kó tún san ₦45,000, pé ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí abẹ́ táńsífà tó ṣe kẹ́yìn, ló wá sọ ohun tí ì bá ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ọ́ nínú owó mi.” Ohùn tó ń pè é ní Mọ́mì yí padà. Ó ní orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé gbèsè, pé èlé ti ń gorí rẹ̀, pé bí kò bá parí ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn á mú ọlọ́pàá wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi di àárọ̀, wọ́n ti dí nọ́ńbà rẹ̀ pa.

Ohun tí ìwádìí lè fihàn àti ibi tó mọ

Ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi hàn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan forúkọ sílẹ̀ fún okòwò kan. Kò sọ pé wọ́n ní àṣẹ láti yá ènìyàn lówó. Àwọn báǹkì kéékèèké tó ní ìwé àṣẹ wà lórí àkójọ tí CBN ń gbé jáde. Àwọn tó ń yánilówó lórí áàpù wà lórí àkójọ FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní láti ní ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ènìyàn sì lè lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn.

Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà ní ti gidi ló máa lò, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn, kó má bàa sí ohun tí ìwádìí lórí orúkọ lè tú jáde. Ohun tó yẹ kí ènìyàn wádìí nígbà náà ni bóyá ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ wá láti ibẹ̀. Kó má pe nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Kó wá ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà lọ, tàbí kó pe nọ́ńbà tó rí lára pátákó wọn.

Àwọn ìwà kan wà tó burú tí wọn kì í ṣe èyí. Áàpù tó ní òun fún ènìyàn ní ₦10,000 ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ₦7,000 ló wọlé ń rẹ́ni jẹ, àmọ́ owó kan ti tẹ onítọ̀hún lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ FCCPC sì ni ẹjọ́ rẹ̀ wà. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń gba owó ẹ̀yìn kó tó gbé ìwé ẹ̀yáwó gidi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ń gba rìbá. Ọ̀gá báǹkì náà ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn.

BVN àti àwòrán ojú

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì máa ń ka owó tó lọ, wọ́n á sì gbàgbé fọ́ọ̀mù. BVN jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá tí àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2014 láti fi mọ ẹni tó ni àkáùntì. Kò sí ẹni tó lè fi nọ́ńbà náà nìkan kó owó jáde nínú àkáùntì. Ewu rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹni tó bá ní BVN, NIN, ọjọ́ ìbí àti àwòrán ojú ènìyàn níbi tó ti gbé káàdì dání lè gbìyànjú láti fi wọ́n ṣí àkáùntì tuntun ní orúkọ rẹ̀. Irú àkáùntì bẹ́ẹ̀ ni oníjìbìtì nílò jù, torí pé kò lè lo tirẹ̀ láti fi gba owó lọ́wọ́ ẹni tó kàn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹjọ́ sùn, orúkọ tó máa jáde ni ti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ lù. “Akápò” tí ìyá aláǹkárá sanwó fún lè jẹ́ ẹni tó ti kún irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí, tí kò sì mọ̀ pé àkáùntì kan ń jẹ́ orúkọ òun. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lọ sí báǹkì rẹ̀ kó sọ fún wọn, kó sì ní kí wọ́n wo àwọn àkáùntì tó so mọ́ BVN òun, bí kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn tí owó bá ti lọ

Àkókò ni gbogbo rẹ̀. Owó tó bá ti kúrò nínú àkáùntì kì í padà fúnra rẹ̀. Ohun tó lè dá a dúró ni kí báǹkì ẹni tó san án kàn sí báǹkì tó gbà á kí wọ́n ti ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ pa. Oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó náà fi máa ń gba àkáùntì méjì mẹ́ta kọjá kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe POS. Ìpè tí ènìyàn bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lè bá owó nílẹ̀. Èyí tó bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kì í sábà bá nǹkan kan. Ohun tí báǹkì máa béèrè ni nọ́ńbà gígùn tó wà lórí rìsíìtì táńsífà, èyí tí wọ́n kọ ní `Session ID`. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ni.

Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tàn jẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn san án, tó fi dé £85,000. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ ní láti mọ̀ pé owó tó lọ láti àkáùntì kan sí òmíràn láàárín orílẹ̀-èdè náà ni òfin yìí kàn. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí “ayánilówó” ní Èkó kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọlọ́pàá tàbí EFCC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ìwé tó wúlò máa ń ní ọjọ́ àti wákàtí owó kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀, nọ́ńbà àti orúkọ àkáùntì tó gbà á, rìsíìtì, nọ́ńbà fóònù, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí WhatsApp. Kí ènìyàn má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nítorí ìtìjú. Ìtìjú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ má lọ fẹjọ́ sùn, pàápàá tí ọkọ tàbí aya kò bá mọ̀ sí owó náà. Wọn kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn. Ó yẹ ká tẹnu mọ́ èyí, torí pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹlòmíràn lè pe ẹni tí wọ́n lù náà, á ní òṣìṣẹ́ EFCC ni òun, pé wọ́n ti mú àwọn olè náà, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ó ku ₦20,000 tí wọ́n fi máa ṣe ìwé rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn tó kọ́kọ́ lù ú ni wọ́n tún padà wá. Wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì mọ iye tó san gan-an, ìyẹn ló sì máa ń jẹ́ kó gbà wọ́n gbọ́.

Òfin ọdún 2006 fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún méje, tí kò sì ju ogún ọdún lọ, lé ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó jẹ̀bi, kò sì fi àyè owó ìtanràn sílẹ̀ fún un. Abala 11 nínú òfin náà ní kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kó dá ohun tó gbà padà fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀sùn. Níwọ̀n bí oníjìbìtì kan ti sábà máa ń lu ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwé tí ìyá aláǹkárá náà bá kọ lónìí lórí ₦86,000 lè wà nínú fáìlì títí wọ́n á fi mú ọkùnrin náà lórí ẹjọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á sì fi tirẹ̀ kún un.